Mẹ́ta Ni àbí Mẹ́jọ? Títún Fọ́tò Ìwé Bàìbàì Ṣe Kó Tó Dé Púríńtà

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi fọ́tò rìsíìtì ilẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Ọdún 1974 ni wọ́n kọ rìsíìtì náà. Báírò búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́, ìwé rẹ̀ ti pọ́n bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbẹ, òǹtẹ̀ pupa kan sì jókòó gẹ́lẹ́ sórí ibi tí iye owó wà. "Bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ̀dà mẹ́ta," ni wọ́n wí. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń tẹ̀wé nítòsí ilé wa. Ohun tó jáde dà bí ìwé tí wọ́n fi epo pa. Èmi rí ₦350 níbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ obìnrin náà ní ₦850 lòun rí. Mo bi obìnrin náà bóyá púríńtà rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. "Ẹ má bínú, sà, bó ṣe wọlé náà ló ṣe jáde."

Òótọ́ ló sọ. Mo fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà lójú fóònù títí ó fi tóbi gan-an, torí ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ irú àìsàn tó ń ṣe fọ́tò. Bí ọwọ́ ẹni tó yà á bá gbọ̀n, gbogbo lẹ́tà á ní òjìji kan lẹ́yìn, apá kan náà ni gbogbo òjìji yẹn á sì fà sí. Bí kámẹ́rà bá tẹjú mọ́ tábìlì dípò ìwé, lẹ́tà á wú, etí wọn á rí roboto, kò ní sí èyí tó mú. Àwọn méjèèjì yìí, kí ẹ má fi àkókò ṣòfò lé wọn lórí, ẹ ní kí wọ́n tún un yà. Èyí tó ń ṣe rìsíìtì tiwa yàtọ̀. Àpótí kéékèèké ló wà níbi tó yẹ kí ìlà wà, ohun kan tó dà bí eruku sì yí gbogbo lẹ́tà ká. Fọ́tò tí wọ́n ti fún pọ̀ nìyẹn.

Wasáàpù ló fún un. Kí fọ́tò má baà jẹ dátà, ó máa ń dín ìwọ̀n rẹ̀ kù kó tó gbé e lọ. Èyí tó dé ọwọ́ mi jẹ́ píksẹ́lì 960 ní ìbú àti 1280 ní gíga. Píksẹ́lì ni àmì aláwọ̀ kéékèèké tí wọ́n tò jọ di fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì ti dúró jìnnà nígbà tí wọ́n ń yà á, ẹní wà níbẹ̀, ìka ẹsẹ̀ wọn náà wà níbẹ̀, ìdajì ìbú fọ́tò péré ni rìsíìtì gbà. Ó kù 480. Ìbú rìsíìtì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó íńṣì mẹ́fà, nítorí náà píksẹ́lì 80 ló wà nínú íńṣì kan. Bí ìwé bá máa jáde dáadáa nínú púríńtà, 300 ni wọ́n sábà máa ń fẹ́. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mílímítà mẹ́rin, kò ní ju píksẹ́lì 12 tàbí 13 lọ nínú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Ohun tó ya 3 sọ́tọ̀ sí 8 ni àlàfo tó wà lápá òsì, àlàfo yẹn ò sì ju píksẹ́lì méjì lọ. JPEG, tí wọ́n fi ń fún fọ́tò pọ̀, máa ń pín fọ́tò sí àpótí píksẹ́lì mẹ́jọ lọ́nà mẹ́jọ, á sì ju àwọn ohun tíntìntín inú àpótí kọ̀ọ̀kan nù. Àlàfo píksẹ́lì méjì wà lára ohun tó kọ́kọ́ ń lọ. Bó bá ti lọ, kò sí bọ́tìnì tó lè pè é padà.

Mo pè wọ́n. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé rìsíìtì náà sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kí wọ́n má tan ìmọ́lẹ̀ fóònù rárá, torí ṣe ló máa ń dá funfun kan sí àárín ìwé. Kí wọ́n fi ìgúnpá méjèèjì ti tábìlì, kí fóònù wà ní òkè ìwé gbọọrọ, kí rìsíìtì kún ojú fóònù láti etí dé etí, kí wọ́n fi ìka tẹ orí ìwé náà lójú fóònù kí kámẹ́rà lè mọ ibi tó yẹ kó tẹjú mọ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n má gba ibi fọ́tò fi ránṣẹ́. Kí wọ́n tẹ àmì ohun tí wọ́n fi ń so ìwé pọ̀, kí wọ́n mú `Document`, kí wọ́n wá fọ́tò náà níbẹ̀. Ohun tó bá gba `Document` kọjá kì í dín kù. Bọ́tìnì `HD` sàn ju fífi ránṣẹ́ lásán lọ, ṣùgbọ́n òun náà ṣì ń fún un. (Ó gba wọ́n ní ìpè mẹ́ta. Nínú ìpè kejì ni mo tó mọ̀ pé ìgò ojú wọn ni wọ́n ń wá.)

Fọ́tò kejì jẹ́ 3000 ní ìbú. Íńṣì kan wá ní píksẹ́lì 500, nọ́ńbà wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó 80. Ó ti mọ́ o, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ pupa ṣì wà lórí owó, báírò sì ti ṣá.

Ibi tí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Fọ́tò aláwọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ fọ́tò mẹ́ta tí wọ́n gbé lé ara wọn, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù. Ẹ rò ó báyìí. Ìwé tó ti pọ́n ń tan pupa jáde púpọ̀, kì í tan búlúù tó bẹ́ẹ̀. Báírò búlúù ń tan búlúù, pupa rẹ̀ kò tó nǹkan. Nínú fọ́tò búlúù, ìwé àti báírò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ọ̀rọ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Nínú fọ́tò pupa, ìwé á funfun, báírò á dúdú kedere. Òǹtẹ̀ pupa ńkọ́? Òun náà á funfun bí ìwé, ohun tó bò mọ́lẹ̀ á wá yọjú. Nínú GIMP, tí kì í béèrè owó, ẹ lọ sí `Colors > Components > Extract Component`, ẹ mú `RGB Red`. Ìgbà tí mo ṣe é, ṣe ló dà bíi pé ẹnì kan fi aṣọ nu òǹtẹ̀ náà kúrò. Bó bá jẹ́ òǹtẹ̀ búlúù ló bo ọ̀rọ̀ dúdú, `RGB Blue` lẹ máa mú. Bí ìwé àti ọ̀rọ̀ òun òǹtẹ̀ bá jẹ́ dúdú àti funfun nìkan, ọgbọ́n yìí kò ràn án rárá.

Ohun tó kù ni kí dúdú dúdú, kí funfun sì funfun. Kọ̀ǹpútà ń fi nọ́ńbà 0 sí 255 wọn ìmọ́lẹ̀, 0 ni dúdú biribiri, 255 ni funfun báláú. Lórí rìsíìtì wa, báírò wà ní nǹkan bí 90, ìwé wà ní nǹkan bí 175. Ẹ ṣí `Colors > Levels`. Ẹ ó rí àwòrán tó rí bí òkè, òkè ńlá lápá ọ̀tún ni ìwé, òkè kékeré lápá òsì ni ọ̀rọ̀. Mo fa onígun-mẹ́ta dúdú wá sí 80, mo fa ti funfun wá sí 170. Báírò já sí 28, ìwé dé 255 tààrà. Ààlà tó wà láàárín wọn, tó jẹ́ 85 tẹ́lẹ̀, wá di 227. Lójú tèmi, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iṣẹ́ náà wà níbí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń fò ó lọ síbi tí wọ́n ti ń pọ́n etí lẹ́tà. Lórí fóònù, `Black point` àti `White point` inú Google Photos máa ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, àmọ́ òun kò ní ìyapa àwọ̀ yẹn.

Pípọ́n etí ló kẹ́yìn, díẹ̀ ló sì ń fẹ́. `Filters > Enhance > Sharpen (Unsharp Mask)`, mo fi `Radius` sí 1, mo fi `Amount` sí 0.5. Bí ẹ bá rí ìlà funfun tó yí lẹ́tà ká bí ìmọ́lẹ̀ tó yí òṣùpá ká, ẹ ti ṣe é jù. Púríńtà á tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, lẹ́tà á sì rí bí ohun tó ní ìrẹ̀. PNG ni kí ẹ fi pamọ́ sí, kì í ṣe JPEG, kí wọ́n má tún fún un.

Ó ní bọ́tìnì kan tí mo bẹ̀rù fún wa. `Despeckle` ni GIMP ń pè é, òun ló ń gbá ẹ̀fẹ́lẹ́ dúdú kéékèèké kúrò lójú ìwé, ẹ̀rọ sikánà orí fóònù náà sì máa ń ṣe é láìbéèrè. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ, ẹ̀fẹ́lẹ́ ni lójú tirẹ̀. Mo dán an wò lórí ojú ewé kan tí wọ́n fi Yorùbá tẹ̀, "ọ̀rọ̀" pàdánù ẹsẹ̀ méjèèjì, ó di ohun tí ẹnì kan lè kà sí "orò". Orúkọ èèyàn lórí ìwé ilẹ̀ náà lè lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí eruku díẹ̀ kù.

Ti sikirínṣọ́ọ̀tù kò gùn. Ẹni tó ya odindi ojú ewé A4 kan lójú fóònù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 1080 ti fi píksẹ́lì 130 sí íńṣì kan, ìyẹn kò dé ìdajì ohun tí púríńtà fẹ́. Kó fi fáìlì fúnra rẹ̀ ránṣẹ́. Bí kò bá ní fáìlì, kó fẹ ojú ewé náà tóbi kó tó yà á, kó yà á ní apá méjì tàbí mẹ́rin.

Kí ẹ sì ṣọ́ra fún ẹ̀rọ tó bá ń méfò. Lọ́dún 2013, ọ̀mọ̀wé kọ̀ǹpútà ará Jámánì kan, David Kriesel, rí i pé àwọn ẹ̀rọ Xerox kan ń pààrọ̀ nọ́ńbà lójú ìwé tí wọ́n bá yà. Lórí àwòrán ilé kan, yàrá mẹ́ta tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀ síra wọn wá ń jẹ́ 14.13 gbogbo wọn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fún ìwé pọ̀ ló fà á. Ẹ̀rọ náà ń wá lẹ́tà tó jọra wọn, á tọ́jú ọ̀kan, á sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ibi tí àwọn yòókù wà, títí kan 6 tó jọ 8. Nọ́ńbà náà mọ́ gaara lójú ìwé, kò ní àbàwọ́n kankan. Ìdí rèé tí mi ò fi jẹ́ kí ohunkóhun tó ń fi òye kún fọ́tò kan ìwé ilẹ̀. Mo sì tọ́jú fọ́tò àkọ́kọ́ pẹ̀lú àwọ̀ rẹ̀ àti òǹtẹ̀ rẹ̀, torí kò sí ọ́fíìsì tó máa gba ìwé tí òǹtẹ̀ ti kúrò lójú rẹ̀. Ẹ̀dà tí a fi ń kà lọ́tọ̀, ẹ̀dà tí a fi ń jẹ́rìí lọ́tọ̀.

Nígbà tí òǹtẹ̀ kúrò lójú nọ́ńbà náà, àlàfo apá òsì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Síbẹ̀ mo sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti fi lẹ́tà kọ iye owó, nítorí kò sí ẹni tí báírò rẹ̀ kì í yọ̀ nígbà míì. Ọ̀ọ́dúnrún náírà ó lé àádọ́ta. Mo pe ọmọ iṣẹ́ yẹn wá wò ó. Ó wò ó títí, ó ní òun ṣì rò pé mẹ́jọ ni.