Àlọ́ Ìgbà Oorun: Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ Ọ́ fún Etí

Bí apàlọ́ bá jókòó síwájú àwọn ọmọ, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ a máa bá ẹnu rẹ̀ ṣiṣẹ́. Nínú ìwé àfetígbọ́, ohùn nìkan ló kù. Nítorí náà, ẹni tó ń kọ àlọ́ fún òǹkà gbọ́dọ̀ fi ìtọ́ni sí ibi tí yóò ti dánu dúró, ibi tí yóò ti rọra, àti irú ohùn tí ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan ní. Inú àkámọ́ ni ìtọ́ni máa ń wà. Òǹkà kì í kà á jáde. Bí àlọ́ Ìjàpá àti igbá ọgbọ́n ṣe lè rí lórí ìwé nìyí:

Ààlọ́ o! [Dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 3, kí ọmọ ráyè dáhùn.]

Ìjàpá kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú igbá kan, ó dé e pa. Ó fi okùn so ó kọ́ ọrùn, igbá wà níwájú àyà. Ó fi igbà kọ́ ọ̀pẹ, ó fẹ́ lọ gbé e pamọ́ sókè. [Rọra.] Ó gùn, ó yọ̀. [Dúró.] Ó gùn, ó yọ̀. [Dúró.] Ó tún gùn, [dúró pẹ́] ó tún yọ̀.

Ìgbín ń kọjá lọ. [Ohùn jẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ ń fà.] “Ìjàpá, ọ̀rẹ́ mi, o ò ṣe yí igbá yẹn sẹ́yìn?”

[Dúró fún àáyá 3.] Ìjàpá yí i sẹ́yìn, ó gòkè. [Ìjàpá ń ránmú.] “Háà! Ọgbọ́n ṣì kù nílẹ̀ tí n kò kó!”

[Apàlọ́, ohùn ń lọ sílẹ̀.] Ó ju igbá sílẹ̀, ó fọ́, ọgbọ́n sì tú ká gbogbo ayé.

Ìdánudúró kẹta níbi ọ̀pẹ pẹ́ ju ti ìṣáájú lọ, torí ọmọ ti mọ ohun tó ń bọ̀, ó sì fẹ́ sọ ọ́ ṣáájú òǹkà. Èyí tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ Ìgbín ni àkókò tí Ìjàpá fi ń ronú. Kò sí ìdí láti kọ “ó ronú” mọ́.

Ohùn ẹ̀dá ìtàn ni òǹkà ti ń ṣìnà jù. Igbá àti igbà jọ wà nínú àlọ́ yìí, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ló yà wọ́n. Bí òǹkà bá ń wá ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì fa ohùn ìsàlẹ̀ nìkan sókè, igbà lè di igbá létí ọmọ. Gbogbo gbólóhùn ló yẹ kó jọ gòkè, kí àlàfo àárín àwọn ohùn má yí. Ìránmú tàbí ìfàlẹ̀ kì í fa irú ewu yìí, ìdí nìyí tí ìtọ́ni òkè yìí fi lò wọ́n.

Kí wọ́n tó gba ohùn sílẹ̀, ẹnì kan a dijú gbọ́ ọ. Ibi tó bá ti béèrè pé “ta ló sọ̀rọ̀?” ni ìtọ́ni kò tó. Bí àlọ́ bá fi agogo ẹnu parí, òǹkà a yí ẹnu kúrò níwájú máìkì díẹ̀, kí “pó” má bàa dún bí ìbọn sí ọmọ tó ti ń tòògbé.