Èló Ni Àpò Fúláwà Tó Jáde Ní Sítóò?

Ká ní ilé búrẹ́dì tuntun kan ní Ìbàdàn ń kó fúláwà jọ kó tó dáná. Ó ra àpò 40 ní ₦50,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó padà dé ọjà, àpò ti di ₦56,000. Ó ra 40 mìíràn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ₦62,000 ni wọ́n pè é, ló bá ra 20 péré. Àpò 100, ₦5,480,000. Nígbà tí oṣù parí, wọ́n ti lo àpò 60. Èló ni ká kọ sílẹ̀ fún 60 yìí?

Ọ̀nà kan ní èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde: 40 ti ₦50,000, kí 20 ti ₦56,000 tẹ̀ lé e. ₦3,120,000 nìyẹn. Ọ̀nà kejì ní èyí tó wọlé kẹ́yìn ni kó ṣáájú: 20 ti ₦62,000 àti 40 ti ₦56,000, ó di ₦3,480,000. Ẹ̀kẹta, ìyẹn ìpíndọ́gba, pín gbogbo owó fún àpò 100. Àpò kan di ₦54,800, 60 di ₦3,288,000. Ẹ má kàn ro iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kí ẹ pín in sí mẹ́ta o! ₦56,000 lẹ máa rí, ìwé yóò sì fi ₦120,000 tí ẹnikẹ́ni ò san kún owó àpò 100.

Orí ìwé nìkan lèyí o. Èyí tó pẹ́ jù ni olùtọ́jú sítóò yóò ṣì máa kó jáde, torí kòkòrò kì í ka ìwé ìṣirò.

Ká ní búrẹ́dì àpò 60 yẹn pa ₦4,500,000, tí ṣúgà, yíìsì, dísù àti owó òṣìṣẹ́ sì gba ₦1,000,000. Ọ̀nà kìíní yóò pe èrè ní ₦380,000, ìpíndọ́gba ní ₦212,000, ọ̀nà kejì ní ₦20,000. Búrẹ́dì kan náà, oníbàárà kan náà!

Ẹ wá wo ọjà. ₦3,500,000 ló kù lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ₦3,720,000 ni a ó fi ra àpò 60 mìíràn ní ₦62,000. Kódà ₦20,000 yẹn kì í ṣe owó jíjẹ. Ẹni tó bá sì ná ₦380,000 tán, èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ò lè ra ju àpò 50 lọ. Òwò ń rù, ìwé ń kí i kú oríire.

Ọ̀nà kejì ló sún mọ́ òótọ́ ọjà jù níbi èrè, ṣùgbọ́n ó ní àléébù tirẹ̀: ₦50,000 àtijọ́ ló ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan àpò 40 tó ṣẹ́ kù. Láti ọdún 2005 ni ìlànà ìṣirò owó àgbáyé ti fòfin dè é. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìlànà náà wọlé ní 2012. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ ṣì fàyè gba ọ̀nà kejì yìí.

Ní tèmi, ẹ fi ìpíndọ́gba kọ ìwé yín, ṣùgbọ́n iye tí àpò jẹ́ lọ́jà lónìí ni kí ẹ fi dá iye lé búrẹ́dì. Búrẹ́dì àpò 60 yẹn gbọ́dọ̀ pa ₦4,720,000 ná kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ èrè.