Orúkọ Kan Náà, Agbára Ọ̀tọ̀: Ohun tí Wọ́ọ̀tì ń Ṣe sí Ṣíìpù Àwòrán Inú Kọ̀ǹpútà Alágbèéká

Ní ọdún 2021, kọ̀ǹpútà alágbèéká méjì wà lọ́jà nígbà kan náà: Lenovo Legion 5 àti ASUS ROG Zephyrus G14. Ẹni tó bá ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara méjèèjì lè bá RTX 3060 ti ilé iṣẹ́ NVIDIA lórí àwọn méjèèjì. Ìyẹn ni ṣíìpù àwòrán wọn, ẹ̀yà tó ń ṣírò àwọ̀ gbogbo àmì tótòtó tó para pọ̀ di àwòrán lójú kọ̀ǹpútà. Òun ló ń gbé géèmù, òun ló ń ran ẹni tó ń gé fídíò lọ́wọ́, òun náà ni ayàwòrán ilé ń lò kí ilé tí kò tíì kọ́ lè hàn bí èyí tí a lè wọ̀. Ẹni tó bá rí orúkọ kan náà lára ẹ̀rọ méjèèjì á rò pé bí ọ̀kan ṣe máa sáré tó ni èkejì náà máa sáré.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá gbé géèmù tó wúwo kan náà lé àwọn méjèèjì lórí, Legion á yọ G14 sílẹ̀. Iye ẹ̀yà ìṣirò inú ṣíìpù méjèèjì dọ́gba, 3,840 ni, mẹ́mórì wọn náà sì dọ́gba. Iná tí wọ́n gbà wọ́n láyè láti fà ni kò dọ́gba: lára Legion 5, ṣíìpù náà lè fa wọ́ọ̀tì 130, lára G14, 80 ni òpin rẹ̀.

Ta ló fi òpin yẹn sí i? Kì í ṣe NVIDIA nìkan. Nígbà tí NVIDIA ṣe RTX 3060 fún kọ̀ǹpútà alágbèéká, ó ní kí àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà mú iye tó bá wù wọ́n láàárín wọ́ọ̀tì 60 sí 115. Ilé iṣẹ́ tó bá rà á ni yóò yan iye tí ara ẹ̀rọ rẹ̀ lè gbà. Wọn yóò wá kọ iye náà sínú ètò kékeré kan tó wà nídìí ṣíìpù ọ̀hún. Iye yìí ni wọ́n ń kọ sórí ìwé àlàyé gẹ́gẹ́ bíi TGP. Láti ìgbà náà lọ, ṣíìpù ọ̀hún á máa wọn iná tó ń fà láìsinmi. Bó bá ti fẹ́ kọjá òpin, á dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Kò ní pariwo, kò sì ní kọ àṣìṣe kankan sójú kọ̀ǹpútà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń lo ẹ̀rọ wọn fún ọdún mẹ́ta láìmọ̀ pé a ti so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Ooru ló fa gbogbo rẹ̀. Iná tí ṣíìpù bá fà, ooru ló ń dà nígbẹ̀yìn. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan gílóòbù àtijọ́ oníwọ́ọ̀tì 60 nígbà tó ń tàn mọ̀ bó ṣe ń jóni. Ẹ wá ronú ooru tó ju ti méjì irú rẹ̀ lọ díẹ̀, tí a kó sórí ohun kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, nínú àpótí tí kò nípọn ju ìka kan tàbí méjì lọ. Páìpù bàbà ló ń gbé ooru náà kúrò lórí ṣíìpù lọ sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí fáànù ti ń fẹ́ ẹ síta. Legion 5 wúwo tó nǹkan bíi kílò méjì àti àbọ̀, àyè sì wà nínú rẹ̀ fún bàbà púpọ̀ àti fáànù tó gbòòrò. G14 kò tó kílò méjì. Ẹni tó ń gbé e kiri nínú báàgì ni wọ́n ṣe é fún. Kò sí ẹ̀tàn nínú èyí. Ẹ̀tàn wọlé nígbà tí ẹni tó ń tà á bá pe orúkọ ṣíìpù tí kò sì pe wọ́ọ̀tì rẹ̀.

Báwo wá ni ìyàtọ̀ náà ṣe tó? NVIDIA fúnra rẹ̀ fi ìdáhùn sórí ìwé. Ní wọ́ọ̀tì 60, eré RTX 3060 yìí lè ga dé 1,283 MHz, ìyẹn ni pé ó ń lù ní mílíọ̀nù 1,283 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní wọ́ọ̀tì 115, ó lè dé 1,703 MHz. Iná fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n eré fi nǹkan bí ìdá 33 péré nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Bí iṣẹ́ kan bá dá lórí eré ṣíìpù nìkan, èyí tó gba ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú lára ẹ̀rọ wọ́ọ̀tì 115 yóò gba nǹkan bí 133 lára ti wọ́ọ̀tì 60.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ níbí, torí ibí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà rọ̀ mọ́. Kí ló dé tí iná ìlọ́po méjì kò fi mú eré ìlọ́po méjì wá? Òfin tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń ṣírò iná tí ṣíìpù ń fà rèé:

```
P = C × V² × f
```

P ni wọ́ọ̀tì, f ni eré, V ni fólítéèjì tó ń ti iná wọ inú ṣíìpù, C sì jẹ́ ti ṣíìpù fúnra rẹ̀, kì í yí padà. Bí ṣíìpù bá fẹ́ sáré sí i, eré nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ gba fólítéèjì tó ga sí i kí ìṣirò rẹ̀ má bàa dàrú. Fólítéèjì yìí la sì ń sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ nínú òfin náà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé eré lọ sókè ní ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún, kí fólítéèjì sì lọ sókè ní ìdá 20. Ìlọ́po 1.2 lọ́nà 1.2 jẹ́ 1.44, ẹ fi 1.33 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di nǹkan bí 1.9. Láti 60 dé 115 gan-an nìyẹn. Wọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ ń ra eré ní ọ̀pọ̀, wọ́ọ̀tì ìkẹyìn ń rà á ní ọ̀wọ́n.

Èyí ló ń bí ohun tó máa ń ya àwọn olùrà lẹ́nu jù. RTX 3070 ni ẹ̀gbọ́n 3060, owó rẹ̀ sì ga jù. Ẹ̀yà ìṣirò 5,120 ló ní. Ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ kan bá há a mọ́ wọ́ọ̀tì 80, eré rẹ̀ kò ju 1,290 MHz lọ. Ẹ sọ iye ẹ̀yà di púpọ̀ pẹ̀lú eré, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún 3060 tó ń sáré ní 1,703: àwọn méjèèjì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Lórí ìwé, àbúrò tó yó bá ẹ̀gbọ́n tí ebi ń pa dọ́gba. Òótọ́ ni pé mẹ́mórì 3070 jẹ́ gígábáìtì 8 nígbà tí ti 3060 jẹ́ 6, èyí sì máa ń gbà á là nínú iṣẹ́ tó gba àyè púpọ̀. Síbẹ̀, ẹni tó san owó lé e nítorí orúkọ nìkan kò rí ohun tó rò.

Wọ́ọ̀tì 130 tí a pè fún Legion níbẹ̀rẹ̀ kọjá 115. Ètò kan tí NVIDIA ń pè ní Dynamic Boost ló fa ìyẹn. Bí ṣíìpù àgbà tó ń darí kọ̀ǹpútà kò bá níṣẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́, ètò yìí á mú wọ́ọ̀tì 15 lára ìpín rẹ̀ fún ṣíìpù àwòrán. Bí ṣíìpù àgbà bá tún níṣẹ́, á gba ohun rẹ̀ padà. Nítorí náà, ẹ̀rọ tí wọ́n kọ 130 sí kò ní wà ní 130 nígbà gbogbo.

Nígbà kan, olùrà ní àmì tó lè fi mọ̀. Láti ọdún 2017, ṣíìpù tí wọ́n dín iná rẹ̀ kù fún ẹ̀rọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ máa ń jẹ́ Max-Q lẹ́yìn orúkọ. Nígbà tí ìran RTX 30 dé ní 2021, kò pọn dandan mọ́ kí ilé iṣẹ́ kọ ọ́. Àwọn oníròyìn ẹ̀rọ figbe ta, NVIDIA sì ní kí àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà máa kọ eré àti wọ́ọ̀tì sójú ìwé ọjà wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ilé iṣẹ́ nìyẹn. Lórí tábìlì ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà àlòkù ní Ikẹja, ìwé náà kì í sábà bá ẹ̀rọ dé.

Nínú ìran RTX 40 tó tẹ̀ lé e, àyè náà tún fẹ̀ sí i: RTX 4060 alágbèéká lè wà níbikíbi láti wọ́ọ̀tì 35 dé 115, kí Dynamic Boost sì gbé e dé 140. Ẹni tó bá ra èyí tí wọ́n há mọ́ 45 ti pàdánù púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí olùrà má wulẹ̀ fi owó lé e láti kúrò ní 100 lọ sí 140. Ní nǹkan bí 100, ṣíìpù yìí ti sún mọ́ òpin fólítéèjì tí wọ́n gbà á láyè, nínú ọ̀pọ̀ géèmù kò tilẹ̀ ní rí ohun tó máa fi ìyókù ṣe.

Ṣájà náà wà lára ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rọ tó ń fún ṣíìpù àwòrán ní wọ́ọ̀tì 115 sábà máa ń nílò ṣájà tó tó 230. Bí ẹni tó tà á bá fi ṣájà 90 tó bá ihò rẹ̀ mu rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rọ á tàn, bátìrì lè máa kún díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bí géèmù bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ náà á dín ìpín ṣíìpù kù gidigidi. Bátìrì nìkan kò lè gbé e dé òpin bákan náà.

Kí olùrà tó sanwó, kí ó tan géèmù tó wúwo fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, pẹ̀lú ṣájà nínú iná, kí ó sì tẹ àṣẹ yìí:

```
nvidia-smi --query-gpu=power.draw,clocks.sm,temperature.gpu --format=csv -l 5
```

Ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún, ẹ̀rọ á kọ wọ́ọ̀tì, eré àti ooru síta. Bí wọ́ọ̀tì bá dúró sí ojú kan, bíi 79 tàbí 80, tí ooru kò sì ju 70 lọ, òpin tí ilé iṣẹ́ fi sí i nìyẹn. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní 115, tó wá ń já bọ̀ bí ooru ṣe ń sún mọ́ 87, ara ẹ̀rọ ni kò lè gbé ooru rẹ̀ jáde: eruku lè ti dí fáànù, tàbí kí ọ̀rá tó wà láàárín ṣíìpù àti bàbà ti gbẹ. Ìyẹn ṣeé tún ṣe. Bí wọ́ọ̀tì bá wà ní 30 tàbí 40, kí ó kọ́kọ́ yẹ ṣájà wò, kó sì rí i pé ẹ̀rọ kò sí lórí ètò ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Bí gbogbo ìyẹn bá pé, ó lè jẹ́ pé géèmù ọ̀hún kò fún ṣíìpù níṣẹ́ tó. Kí ó fi òmíràn dánwò.

Ẹ béèrè wọ́ọ̀tì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fi àṣẹ òkè yìí wò ó lójú rẹ̀ kí owó tó jáde lápò yín.