Ìdárò fún Ẹran Ọ̀sìn Ọmọdé

Ní ọdún 1971, Judith Viorst, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé ọmọdé kan jáde lórí ológbò tó ń jẹ́ Barney. Ológbò náà kú, ọmọ tó ni ín sì ń sunkún, ó kọ oúnjẹ. Ìyá rẹ̀ kò ní kó panu mọ́. Ó ní kó ro ohun rere mẹ́wàá tí yóò sọ nípa Barney níbi ìsìnkú. Mẹ́sàn-án ni ọmọ náà rí. Inú ọgbà, lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ló ti rí ìkẹwàá: Barney ń di ilẹ̀ tí òdòdó yóò fi hù.

Ohun tí ọmọ fojú ara rẹ̀ rí ló dára jù láti fi ṣe ìdárò. Bí ajá ilé bá kú, irú ọ̀rọ̀ báyìí tó:

“Ajá wa ti kú. Bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ wa lẹ́nu ọ̀nà, á máa ju ìrù. Ẹ̀bá ibùsùn wa ló ń sùn. Kò ní padà wá mọ́, ara kò sì ní ro ó mọ́. A fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.”

“Ó kú” la wí, a kò ní “ó sùn”. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sábà máa ń rò pé òkú lè jí. Bí wọ́n bá ní ajá sùn, oorun lè máa bà á lẹ́rù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má tíì sáré ra ajá mìíràn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ sọ tirẹ̀.