Ìṣẹ́jú Kan Kì Í Ṣe 150 Ọ̀rọ̀

Ìpolówó àkọ́kọ́ tí mo kọ fún tẹlifíṣọ̀n, ìyá kan tó ń ta àdìrẹ n'Ìbàdàn ni mo kọ ọ́ fún. Ìṣẹ́jú kan ni wọ́n sanwó fún. Lọ́jọ́ tó jáde, gbogbo wa jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Ohùn ń lọ geere títí tó fi dé orí nọ́ńbà fóònù: "òdo, mẹ́jọ, òdo, mẹ́ta…" Kó tó ka ìyókù, ìpolówó ọṣẹ ti gba ojú amóhùnmáwòrán. Ìyá wojú mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìlàjì nọ́ńbà ni kí wọ́n máa pè?"

Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìpolówó pé nǹkan bíi 150 ọ̀rọ̀ ló ń kún ìṣẹ́jú kan, ìyẹn méjì ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Mo kọ 150, kọ̀ǹpútà bá mi kà á, ọkàn mi balẹ̀.

Ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kà, kò mọ ohun tí ẹnu ń ṣe. Bí mo bá kọ "ra aṣọ", ó kà á sí méjì. Bí mo bá kọ "raṣọ", ó di ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ìró kan náà ló ń ti ẹnu jáde. Nítorí náà, iye ọ̀rọ̀ tó lè wọ inú ìṣẹ́jú kan wà lọ́wọ́ bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe ń kọ Yorùbá àti bí ẹni tó fẹ́ kà á ṣe ń kà. A ní láti wọ̀n ọ́n ni. Ẹ gé 100 ọ̀rọ̀ nínú ohun tí ẹ kọ, kí olóhùn yín kà á sókè bó ṣe máa kà á gan-an, kí ẹ fi fóònù ka àkókò rẹ̀. Ẹ má ṣe kà á sínú. Ojú máa ń sáré ju ẹnu lọ. Ìṣẹ́jú àáyá 40 ni olóhùn tèmi lò, èyí tó já sí méjì ààbọ̀ náà. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ìyẹn ló kó bá mi.

Ohun tó kó bá mi ni pé 60 kì í ṣe 60. Ìlù gángan gba mẹ́ta níbẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Orúkọ ilé ìtajà dúró lójú fún mẹ́rin níparí, láìsí ohùn. Ìsinmi láàárín ọ̀rọ̀ gba mẹ́ta mìíràn. Ó ku 50 fún ẹnu, 50 sì jẹ́ 125 ọ̀rọ̀ péré.

Nọ́ńbà ló wá burú jù. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kan ni nọ́ńbà fóònù, àmọ́ oókan-oókan ni wọ́n ń ka mọ́kànlá rẹ̀, ó sì gba ìṣẹ́jú àáyá méje. "₦18,500" náà, ọ̀rọ̀ kan ni. Ẹ pè é jáde: "ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà". Ìyẹn sún mọ́ mẹ́rin. Bí a ṣe ka gbogbo rẹ̀ ní sítúdíò, ó di 80.

A ní kí olóhùn sáré. Ó sáré títí tó fi di 67, tẹlifíṣọ̀n sì gé méje tó ṣẹ́ kù dànù. Eré náà fúnra rẹ̀ tún ba nǹkan jẹ́: ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú ara wọn, aró tí a fi ń rẹ aṣọ fẹ́ẹ̀ dún bí ààrò tí a fi ń dáná.

Nígbà tí a tún un ṣe, iye owó kúrò lẹ́nu, ó bọ́ sójú àwòrán. Nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, a sì kà á lẹ́ẹ̀kan péré. Mo yọ méje rẹ̀ kúrò nínú 50, ó ku 43, mo sì fi méjì ààbọ̀ sọ ọ́ di 107 ọ̀rọ̀.

Mo tún pín 107 náà sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, nítorí àpapọ̀ lè pé kí ọ̀rọ̀ má bá àwòrán mu. Níbi tí wọ́n ti ń fa aṣọ jáde nínú ìkòkò aró, àwòrán náà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, 20 ọ̀rọ̀ ló sì lè gbà. Ní àkọ́kọ́, 31 ni mo kọ síbẹ̀, ohùn ṣì ń sọ nípa aró nígbà tí àwòrán ti dé inú ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́ẹ̀kejì, mo kọ 12. Olóhùn dákẹ́, aṣọ tó jáde ní àwọ̀ ewé bẹ̀rẹ̀ sí í di aró lójú gbogbo èèyàn.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn parí ní ìṣẹ́jú àáyá 56, orúkọ ilé ìtajà sì gba mẹ́rin tó kù.