Bí Àtẹ Aago Ṣe Jáde Látinú Ètò Ìgbéyàwó Kan n'Ìbàdàn

Ojú ìwé kan àti ààbọ̀ ni ètò náà nígbà tí àgbà nínú ẹbí ìyàwó kọ ọ́ tán. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni bàbá yìí, ó mọ Yorùbá kọ, ó sì mọ àṣà. Ìpínrọ̀ tó kan ìdána kà báyìí:

“Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni a ó fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìdílé ọkọ yóò wọlé, wọn yóò kúnlẹ̀ kí ìdílé ìyàwó. A ó mọ ara wa, a ó ka ìwé ìtọrọ àti èsì rẹ̀. Ọkọ yóò wọlé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọn yóò dọ̀bálẹ̀, a ó sì súre fún un. Ìyàwó náà yóò wọlé, a ó súre fún un, yóò sì mú èyí tó wù ú nínú ẹ̀bùn. Lẹ́yìn ọpẹ́, gbogbo wa yóò gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ fún ìsìn aago mọ́kànlá.”

Ẹni tó bá kà á kò ní rí àléébù kankan níbẹ̀. Àbúrò ìyá ìyàwó ló gba ìwé náà lọ́wọ́ bàbá, obìnrin tó ń bá àwọn èèyàn ṣe kòkáárí òde. Ó ní: “Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fi aago sí i.” Bàbá ní ṣebí aago wà níbẹ̀. Lóòótọ́ ni: mẹ́jọ wà, mọ́kànlá wà. “Lẹ́yìn náà” ló kún àárín wọn.

Obìnrin náà kò kọ́kọ́ kọ aago kankan. Ó fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tí ẹnì kan yóò dìde ṣe, ó sì kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sórí ìlà tirẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo nípa ọkọ di ohun mẹ́ta: ìwọlé, ìdọ̀bálẹ̀, ìre. Lẹ́yìn èyí ló wá béèrè iye ìṣẹ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Kò fọkàn ṣírò rẹ̀ o. Ó pe ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Alága ìjókòó ló kọ́kọ́ pè, ó sì bi í léèrè nípa owó. Owó ìkanlẹ̀kùn, owó ìsíjú, owó bàbá gbọ́, owó ìyá gbọ́: kò sí èyí tí bàbá kọ sínú ìpínrọ̀, bẹ́ẹ̀ ìdí wọn ni àkókò máa ń pẹ́ sí jù, nítorí bí ẹbí ọkọ ṣe ń dúnàá dúrà ni orin ń gòkè sí i. Alága gbà pé ìṣẹ́jú 15 ni òun yóò fi gba ẹbí ọkọ wọlé pẹ̀lú gbogbo eré rẹ̀, pé ogún ìṣẹ́jú ni ti ọkọ, ogún sì ni ti ìyàwó.

Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ ìṣẹ́jú 110. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ, wọn yóò parí ní 9:50. Ìsìn di aago mọ́kànlá. Inú bàbá dùn, ó ní àyè tiẹ̀ ṣì ṣẹ́kù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Obìnrin náà fi òpó kan kún àtẹ rẹ̀, ó kọ “Ìyàwó” sókè rẹ̀, ó sì ń béèrè lórí ìlà kọ̀ọ̀kan pé níbo ni ọmọ náà wà ní àkókò yìí. Lórí ìlà tó ṣáájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó rí i pé aṣọ òkè ló ṣì wà lára rẹ̀. Kò sí ibi kankan nínú ìpínrọ̀ bàbá tí ìyàwó ti bọ́ aṣọ òkè, tó tú gèlè, tó sì wọ aṣọ funfun. Aṣaralóge ní wákàtí kan gbáko lòun nílò, nítorí wọn yóò tún irun ṣe, wọn yóò sì tún ojú kùn. Láti gbọ̀ngán tó wà ní Bódìjà dé ṣọ́ọ̀ṣì ní Mọ́kọ́lá, wọ́n fi ìṣẹ́jú 25 sí i nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọjọ́ Sátidé.

Ó wá ń ka aago padà sẹ́yìn láti mọ́kànlá. Ìyàwó gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní 10:50. Ó gbọ́dọ̀ kúrò ní Bódìjà ní 10:25. Ó gbọ́dọ̀ jókòó síwájú aṣaralóge ní 9:25. Ètò tó ń parí ní 9:50 kò lè bá èyí mu.

Ohun méjì ni wọ́n ṣe. Wọ́n fa ìbẹ̀rẹ̀ wá sí aago méje ààbọ̀, wọ́n sì gbé ọpẹ́ ìdílé méjèèjì, tó jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, sí ẹ̀yìn ìgbà tí ìyàwó bá ti jáde, nítorí kò sí ohun tó fẹ́ fi ìyàwó ṣe níbẹ̀. Bàbá kọ́kọ́ takò ó pé ta ni yóò jí dé òde ní méje ààbọ̀. Èsì obìnrin náà ni pé kò dìgbà tí gbogbo àlejò bá pé. Ìdílé méjèèjì àti àwọn alága nìkan ni ètò kò lè bẹ̀rẹ̀ láìsí wọn. Láti ìgbà tí ọkọ bá wọlé, àtẹ náà rí báyìí:

| Aago | Ìṣẹ́jú | Lójú agbo | Ìyàwó |
|---|---|---|---|
| 8:15 | 20 | Ọkọ wọlé, ìdọ̀bálẹ̀, ìre | Nínú yàrá |
| 8:35 | 20 | Ìyàwó wọlé, ìre | Lójú agbo |
| 8:55 | 15 | Mímú ẹ̀bùn | Lójú agbo |
| 9:10 | 15 | Àlàfo: orin, fọ́tò | Lójú agbo |
| 9:25 | 60 | Ọpẹ́, oúnjẹ àárọ̀ | Ó ń pààrọ̀ aṣọ |
| 10:25 | 25 | Àlejò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì | Nínú ọkọ̀ |
| 10:50 | 10 | Àlejò ń jókòó | Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì |
| 11:00 | | Ìsìn | Wíwọlé |

Mo ka ìlà 9:10 sí ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù nínú àtẹ yìí. Bí alága bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún eré rẹ̀, àlàfo yẹn ni yóò gbé e mì, aṣọ pípààrọ̀ kò ní mì rárá.

Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, nínú Excel. Aago wà ní òpó A, ìṣẹ́jú wà ní B. Wọ́n tẹ 7:30 sínú A2, wọ́n sì kọ èyí sínú A3, kí wọ́n tó fà á sísàlẹ̀:

```
=A2+TIME(0,B2,0)
```

Bí ìṣẹ́jú ìlà kan bá yí, gbogbo aago abẹ́ rẹ̀ yóò sún fúnra wọn. Aago ìsìn nìkan ni wọn kò jẹ́ kó bá wọn sún. Wọ́n fọwọ́ tẹ 11:00 síbẹ̀, nítorí àlùfáà kì í sún. Bí 10:50 bá di 11:05 lókè rẹ̀, ojú yóò rí i pé ètò ti já.

Ti ṣọ́ọ̀ṣì kò gba wàhálà púpọ̀. Òfin ìgbéyàwó Nàìjíríà fi ìsìn bẹ́ẹ̀ sí àárín aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán, yàtọ̀ sí àlùfáà. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi kún un, ìfọwọ́sí ìwé, wọ́n sì kọ orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí síwájú rẹ̀ kí wọ́n má baà máa wá wọn kiri nígbà tí ìwé bá ti ṣí sílẹ̀.

Ìpínrọ̀ bàbá kò sọnù. Wọ́n sọ aago mẹ́jọ inú rẹ̀ di méje ààbọ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò tí wọ́n pín fún àlejò, nítorí àlejò kò nílò láti mọ iye ìṣẹ́jú tí a fún àdúrà. Àwọn alága, aṣaralóge, awakọ̀ ìyàwó, ayàwòrán àti onílù ló gba àtẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀yin tí ẹ ní ètò ìyàwó nílẹ̀ báyìí, ẹ gbé e jáde, kí ẹ wá ìlà tí ìyàwó ti ń pààrọ̀ aṣọ nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ pe aṣaralóge lónìí.