Ìlà Méjì, Ìdènà Méjì

Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ògógóro tí mẹtanọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ pa ènìyàn ní Òde-Ìrèlè. Ẹ́ńsáìmù inú ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ mẹtanọ́ọ̀lù di májèlé. Oògùn fomẹpisóòlù ń dí i lọ́wọ́. Báwo?

Ẹ fi 1/v, ìyára, sí òòró, àti 1/[S], ìwọ̀n mẹtanọ́ọ̀lù, sí ìbú. Bí ìlà méjèèjì, pẹ̀lú oògùn àti láìsí i, bá gé òòró ní 0.5, oògùn náà ń bá mẹtanọ́ọ̀lù du àyè kan náà: níbi tí 1/[S] ti jẹ́ òdo, mẹtanọ́ọ̀lù ti pọ̀ tó láti lé e kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni fomẹpisóòlù rí. Ṣùgbọ́n bí ìlà oògùn bá gé òòró ní 1.0, tí méjèèjì sì pàdé lórí ìbú, kò sí ìdíje. Mẹtanọ́ọ̀lù púpọ̀ kò lè borí rẹ̀.